Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Ẹ̀yìn: Kíka Lẹ́tà Dókítà Jámánì fún Aláìsàn

Lẹ́tà tí ilé ìwòsàn ní Jámánì ń kó lé aláìsàn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé, òun kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìlà àkọ́kọ́ ti fi hàn: dókítà ilé ìwòsàn ń kí dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn dókítà àdúgbò tó ń tọ́jú onítọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń jábọ̀ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n ṣe fún un. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé ìkíni yẹn, ọ̀rọ̀ àárín dókítà sí dókítà ni. Látìnì wà níbẹ̀, Jámánì wà níbẹ̀, wọ́n sì ti gé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kúrú débi pé lẹ́tà méjì péré ló kù nínú wọn. Ọmọ Jámánì pọ́ńbélé tí kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn kì í rí ìdí rẹ̀. Ìyẹn ló mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ìlú Dírẹ́sìdẹ̀nì dá iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní „Was hab' ich?“ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2011. Ẹni tí lẹ́tà bá rú lójú yóò fi ránṣẹ́ sí wọn, wọn yóò fi Jámánì tó rọrùn túmọ̀ rẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Tó bá le tó bẹ́ẹ̀ fún onílé, ẹ wo màmá Yorùbá tó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Hámbọ́ọ̀gì tàbí Bẹ̀líìnì. Òfin ọdún 2013 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn sọ pé dandan ni kí dókítà ṣàlàyé àìsàn àti ìtọ́jú lọ́nà tó máa yé ẹni tó ni ara. Dókítà sì máa ń ṣàlàyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ló ti ń ṣe é, ní Jámánì, fún ẹni tí òòyì ṣì ń kọ́. Nígbà tí màmá bá fi máa délé, lẹ́tà nìkan ló kù. Ọmọ, àna, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn wọ̀nyí ni àlàyé á já lé léjìká.

Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí mò ń ṣe, mo sì ti rí i pé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé a máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Orúkọ àìsàn ló wà lókè, òun ló ń dẹ́rù bani, orí rẹ̀ la sì máa ń kú sí. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn lẹ́tà ni ohun tí màmá máa lò láàárọ̀ ọ̀la wà. Tí orúkọ àìsàn kò bá yé e títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní pa á lára. Tí oògùn kò bá yé e kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ó lè pa á lára.

Ẹ jẹ́ ká mú irú lẹ́tà tó máa ń dé ọwọ́ mi jù yẹ̀ wò. Màmá jẹ́ ẹni ọdún 68. Lóru ọjọ́ kan, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, èémí kò kúnnú, ọmọ rẹ̀ pe 112, ọkọ̀ pàjáwìrì sì gbé e lọ. Wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège: yàrá òkè inú ọkàn ń gbọ̀n rìrì dípò kó máa fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa. Ní Jámánì wọ́n ń kọ ọ́ ní „Vorhofflimmern“. Ìfúnpá rẹ̀ náà ga. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní kó máa lọ sílé, wọ́n sì fún un ní lẹ́tà olójú ewé mẹ́rin.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n kó gbogbo oògùn tó wà nínú ilé sórí tábìlì. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí: èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, èyí tó wà nínú báàgì, èyí tí ẹnì kan bá wọn rà láti Èkó, oògùn ara ríro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, títí kan ìgò àgbo. Lẹ́yìn náà ni a ó wá ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n kọ „Medikation bei Entlassung“ sí, ìyẹn oògùn tí màmá gbọ́dọ̀ máa lò láti ọjọ́ tó kúrò ní ilé ìwòsàn. Báyìí ni wọ́n kọ ti màmá yìí:

```
Apixaban 5 mg       1-0-1-0   neu
Bisoprolol 2,5 mg   1-0-0-0   neu
Ramipril 5 mg       1-0-0-0   neu
Paracetamol 500 mg  bei Bedarf, max. 4 x täglich
ASS 100 mg          abgesetzt
```

Ibi àwọn nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àsìkò mẹ́rin ni wọ́n pín ọjọ́ sí: àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, àti ìgbà tí èèyàn bá ń lọ sùn. Nọ́ńbà tó wà ní ipò kọ̀ọ̀kan ni iye hóró tí a ó lò ní àsìkò náà. Nítorí náà, 1-0-1-0 túmọ̀ sí hóró kan láàárọ̀, kò sí ní ọ̀sán, hóró kan ní ìrọ̀lẹ́, kò sí nígbà tí a bá ń sùn. Dókítà mìíràn máa ń kọ nọ́ńbà mẹ́ta péré, 1-0-1. Nígbà náà àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ló kà. Mo ti rí ẹni tó ka 1-0-1 sí ọgọ́rùn-ún lé kan, tó sì rò pé nọ́ńbà oògùn náà lórí àkọsílẹ̀ ni. Mo ti rí ẹni tó rò pé nọ́ńbà ìkẹyìn ń sọ iye ọjọ́.

Ọ̀nà kíkọ yìí kò lè sọ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ sì ni kùdìẹ̀ kudiẹ rẹ̀ wà. Àwọn oògùn kan wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni a ń lò wọ́n. Methotrexat tí wọ́n ń fún ẹni tí oríkèé ń dùn jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ẹni tó bá sì ń lo tirẹ̀ lójoojúmọ́ lè bá a kú. Tí ẹ bá rí „wöchentlich“ níbikíbi nínú ìlà oògùn kan, ẹ dúró, ẹ béèrè ọjọ́ wo gan-an, kí ẹ sì kọ orúkọ ọjọ́ náà sára páálí ní Yorùbá.

Ẹ wá wo 2,5 mg. Ní Nàìjíríà, pọ́ìntì la fi ń ya ẹ̀sún nọ́ńbà sọ́tọ̀, a ó kọ 2.5. Ní Jámánì, kọ́mà ni wọ́n ń lò fún un, pọ́ìntì sì ni wọ́n fi ń pín ẹgbẹ̀rún. Méjì ààbọ̀ ni 2,5 mg, kì í ṣe márùndínlọ́gbọ̀n. Lọ́nà kejì, ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ súgà lè rí 1.000 mg lára páálí Metformin rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan ni ìyẹn, kì í ṣe ẹyọ kan. Ọmọ tó jẹ́ pé Jámánì ló ti kàwé kì í fura sí i rárá. Màmá tó ti fi ogójì ọdún ṣòwò ní Nàìjíríà ni yóò kà á bí ó ṣe mọ̀ ọ́n kà, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bó ṣe máa gé hóró oògùn.

Ìlà tó kẹ́yìn nínú oògùn màmá ló léwu jù, òun sì ni ojú máa ń fò. ASS ni wọ́n ń kọ ní Jámánì fún oògùn tí gbogbo wa mọ̀ sí aspirínì. Màmá ti ń lò ó fún ọdún mélòó kan „nítorí ọkàn“. Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, „abgesetzt“, ń sọ pé wọ́n ti dá a dúró. Màmá rí orúkọ oògùn tó mọ̀ nínú lẹ́tà, inú rẹ̀ dùn, ó ní wọ́n ní kí òun máa bá a lọ. Òdìkejì gan-an ni wọ́n wí. Apixaban tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Aspirínì náà ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀. Tí a bá pa méjèèjì pọ̀ láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya nínú ikùn láìsí ẹni tó mọ̀, títí ìgbẹ́ yóò fi dúdú bí ọ̀dà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni mo máa ń wá lórí gbogbo ìlà oògùn: „neu“ ni tuntun, „weiter“ ni kó máa bá a lọ, „pausiert“ ni kó ṣíwọ́ fúngbà díẹ̀, „abgesetzt“ ni kó dá a dúró pátápátá. Èyí tí wọ́n bá dá dúró gbọ́dọ̀ kúrò lórí tábìlì lójú màmá kí a tó sọ̀rọ̀ mìíràn.

A tún gbé páálí mìíràn yẹ̀ wò. Lisinopril ni, láti Èkó, màmá ti ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru kó tó wọkọ̀ òfúrufú. Ní ilé ìwòsàn wọ́n bi í nípa oògùn tó ń lò, ó dárúkọ aspirínì, kò rántí dárúkọ èyí. Wọ́n wá fún un ní Ramipril. Ẹ wo ìparí orúkọ méjèèjì: „pril“. Ọmọ ìyá ni wọ́n, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá ń lo méjèèjì pọ̀, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, kí òòyì kọ́ ọ bó ṣe ń dìde lórí ibùsùn, kó sì ṣubú. Ẹni tó ń lo Apixaban tó sì ṣubú lu orí, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, bí kò tilẹ̀ sí egbò lójú. Lẹ́tà kò lè sọ èyí fún yín, nítorí ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ pé Lisinopril wà nílé. Orí tábìlì nìkan ni ó ti hàn. A pe dókítà àdúgbò, a sọ fún un, òun ló ní kó fi Lisinopril sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣàlàyé kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ dá oògùn kankan dúró. Bí a bá rí ohun tó ta ko ara, dókítà tàbí apòògùn la ó bi.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Ramipril, nítorí ó kan àwa ènìyàn dúdú gan-an. Ìwé pẹlẹbẹ tó wà nínú páálí oògùn ìdílé yìí fúnra rẹ̀ sọ ọ́: wíwú ètè, ahọ́n tàbí ọ̀fun máa ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn dúdú tó ń lò ó ju sí ẹlòmíràn lọ. Kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí lẹ́yìn oṣù púpọ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé oògùn náà. Mo máa ń sọ fún màmá kedere pé, „Tí ẹ bá rí i pé ètè yín tàbí ahọ́n yín ń wú, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ kó mọ́, ẹ má lo hóró mìíràn, ẹ ní kí wọ́n pe 112.“ Ikọ́ gbígbẹ tí kò lọ bọ̀rọ̀ tún wà. Ìyẹn kì í pani, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún dókítà, kó má lọ di pé wọ́n ń ra oògùn ikọ́ lórí oògùn.

Nípa Apixaban, ìbéèrè tí gbogbo ìyá ń bi mí ni pé, „Tí mo bá gbàgbé ńkọ́?“ Tó bá gbàgbé ti àárọ̀, tó wá rántí, kó lò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó sì padà sí bí ó ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ lo hóró méjì lẹ́ẹ̀kan náà láti fi dí i. Agbára oògùn yìí ń dínkù láàárín ọjọ́ kan péré, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ìdí nìyẹn náà tí kò fi yẹ kó tán nílé. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì nínú ọkàn tó ń gbọ̀n lè já lọ sínú ọpọlọ, kó sì fa àrùn rọpárọsẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fún un ní oògùn yìí láti dènà nìyẹn, kì í ṣe láti wo ségesège ọkàn sàn. Bisoprolol ló ń mú kí ọkàn rọra lù, òun náà kì í ṣe oògùn tí a ń já jù lójijì.

„Bei Bedarf“ tó wà níwájú Paracetamol ń sọ pé ìgbà tí ara bá ń ro ó nìkan ni. Kì í ṣe ojoojúmọ́. „Max.“ ni iye tí kò gbọ́dọ̀ rékọjá: hóró kan lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ lọ. Kò gbọ́dọ̀ fi Ibuprofen rọ́pò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn lè rà á ní kẹ́míìsì láìmú ìwé dókítà dání, nítorí pé òun àti Apixaban jọ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ya. Àgbo ńkọ́? A kò mọ ohun tó wà nínú ìgò náà, a kò sì lè sọ bí yóò ṣe bá Apixaban jà. Ewé tí àwọn Jámánì ń tà fún ìbànújẹ́ ọkàn, Johanniskraut, máa ń dín agbára Apixaban kù, bẹ́ẹ̀ ewé lásán ni òun náà. Mo ní kí màmá fi ìgò náà sílẹ̀ títí dókítà yóò fi gbọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ rírà oògùn náà tún lọ́gbọ́n nínú. Ìwé oògùn tí ilé ìwòsàn ń fún ẹni tó ń lọ sílé kì í pẹ́ láyé: ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta péré ló ní, wọ́n sì ń ka Sátidé mọ́ ọn. Páálí tó kéré jù, tí wọ́n ń pè ní N1, ni ó sì sábà máa ń gba. Ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó sì ní òun máa sinmi ná, ó lè rí i pé ìwé náà ti kú. Ẹni tó rà á lásìkò tó wá fi ọwọ́ lẹ́rán, oògùn á tán kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà àdúgbò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìwé oògùn ti wà lórí kọ̀ǹpútà fún àwọn tó wà nínú íńṣọ́ránsì ìjọba. Káàdì ni màmá sábà máa fi hàn ní kẹ́míìsì, nígbà náà kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè tún kà nílé. Nítorí náà, kí ẹ ní kí apòògùn fi bírò kọ bí a ó ṣe lò ó sára páálí kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í kọ̀.

Apòògùn tún lè kó páálí mìíràn jáde, tí àwọ̀ rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tó ṣe é yàtọ̀ sí ti ilé ìwòsàn. Kò ṣèrú. Íńṣọ́ránsì màmá ló ti bá ilé iṣẹ́ kan dúnàádúrà, èròjà inú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà. Àmọ́ ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń wọlé: oṣù tó ń bọ̀ páálí lè tún yí padà, màmá á wá ní Bisoprolol aláwọ̀ búlúù àti Bisoprolol aláwọ̀ ewé, á rò pé oògùn méjì ni, á lo méjèèjì, ọkàn á sì máa lọ́ra débi tí àárẹ̀ yóò fi mú un. Ẹ kọ́ ọ láti máa wo orúkọ èròjà, kì í ṣe àwọ̀. Tí kò bá lè kàwé, kí páálí kan tán kí a tó ṣí èkejì, kí èyí tó kù sì wà ní ọwọ́ ọmọ.

Nígbà tí oògùn bá ti yé wa ni a ó tó padà sí òkè lẹ́tà. Ọmọ màmá ti fi fóònù wá „Myokardinfarkt“, ó ti sunkún. Ìkọlù ọkàn òjijì ló rí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlà náà kà báyìí: „Ausschluss eines akuten Myokardinfarkts“. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló gbé ẹrù: wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti rí i pé kì í ṣe òun. Ìlà mìíràn ní „V. a.“ níwájú, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ń fura sí i, kò tíì dájú. Ti màmá yìí ni pé èémí rẹ̀ lè máa dá lójú oorun, nítorí bó ṣe ń hanrun. „Z. n.“ ń sọ ohun tó ti kọjá: wọ́n ti yọ àpò òróòro rẹ̀ ní ọdún 2009, kì í ṣe àìsàn tuntun. Nínú àbájáde àyẹ̀wò, „unauffällig“ àti „o. B.“ jẹ́ ìròyìn ayọ̀, wọn kò rí ohun tó burú. „Negativ“ náà sábà máa ń jẹ́ ìròyìn ayọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dún létí bí ohun tí kò dára. Mo máa ń fi bírò mẹ́ta sàmì sí ojú ewé yìí: ohun tó dájú, ohun tí wọ́n ń fura sí, ohun tí wọ́n ti yọ kúrò. Ọmọ màmá rí i pé méjì péré ló dájú tó sì jẹ́ ti ìsinsìnyí, ọkàn tó ń lù ségesège àti ìfúnpá tó ga.

Ó ku „Procedere“, ìlà díẹ̀ tó ń sọ ohun tó kàn. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni ń bẹ dókítà àdúgbò: ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa yẹ iṣẹ́ kíndìnrín àti ìfúnpá wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó rí dókítà ọkàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n yẹ oorun rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ìdílé rò pé tí wọ́n bá ti kọ ọ́, ẹnì kan yóò pè wọ́n. Kò sí ẹni tó ń pè. Màmá tàbí ọmọ rẹ̀ ló máa gba ọjọ́, tí wọ́n á sì gba ìwé ìtọ́kasí lọ́wọ́ dókítà àdúgbò kí wọ́n tó lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn. Tí ọjọ́ bá jìnnà jù, nọ́ńbà 116117 wà fún wíwá àyè lọ́dọ̀ dókítà. Àyẹ̀wò kíndìnrín yẹn kì í ṣe àṣà lásán. Ramipril lè yí iṣẹ́ kíndìnrín padà ní ìbẹ̀rẹ̀, bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sì wà lára ohun tí dókítà fi ń pinnu bóyá 5 mg Apixaban ṣì tọ́ sí i.

Kí n tó dìde, mo máa ń yí àlàyé padà. N kì í béèrè pé ṣé ó ti yé yín, nítorí ìyá tó ní ìtẹríba sí ẹni tó ran òun lọ́wọ́ yóò ní ó ti yé òun. Mo máa ń ní, „Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi, tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, èwo lẹ máa kọ́kọ́ mú?“ Màmá mú Apixaban, ó mú Bisoprolol, ó mú Ramipril, hóró kọ̀ọ̀kan. Mo ní, „Ìrọ̀lẹ́ ńkọ́?“ Ó mú Apixaban, ó sì na ọwọ́ sí Bisoprolol. A padà sí orí 1-0-0-0, a fi ìka tọ́ ọ ní ipò ní ipò, títí ó fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. A ya ẹ̀dà ojú ewé oògùn, ọ̀kan wà lára fíríìjì, ọ̀kan wà nínú pọ́ọ̀sì màmá, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá gbé e lójú pópó tàbí dókítà eyín tó bá fẹ́ yọ eyín rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ń lo Apixaban.